Pèpéle Wo Ni Tèmi? Bí Afọ́jú Ṣe Ń Wọ Rélùwéè ní Tókíò

Bí èèyàn bá dúró díẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Takadanobaba nílùú Tókíò, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ẹni tó mú ọ̀pá funfun dání. Ilé ìkàwé ńlá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ilẹ̀ Jàpáànù wà ládùúgbò náà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìrìn kan péré ni mo fẹ́ kí á tẹ̀lé níbẹ̀: ti afọ́jú tó dá wá láti ìta, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin Yamanote lọ sí Ueno. Ẹni tó ríran á gbójú sókè, á rí nọ́ńbà 2 lára àkọlé, á gun àtẹ̀gùn, ó parí. Ohun tí ẹni tí kò ríran ń ṣe kó tó dé ibì kan náà yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò. A máa ń sọ pé etí ni afọ́jú fi ń ríran. Òótọ́ ni pé etí ń bá a ṣiṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n lórí pèpéle rélùwéè, ẹni tó bá tìtorí ohun tó gbọ́ nìkan gbé ẹsẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lójú irin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Òkè ni ojú irin Yamanote wà ní Takadanobaba, ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Pèpéle kan ṣoṣo ló wà lókè náà. Ó gùn gbọọrọ, ojú irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 1, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣinjuku àti Ṣibuya ti ń dúró. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni nọ́ńbà 2, ti àwọn tó ń lọ sí Ikebukuro àti Ueno. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀, àtẹ̀gùn kan náà ni wọ́n sì ń gùn débẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àwọn afọ́jú ilẹ̀ Jàpáànù ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú pèpéle bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní afárá tí kò ní irin ìdìmú.

Ohun tí arìnrìn-àjò wa fi ń rin orí afárá yìí ni ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá funfun kì í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ bíi ti àgbàlagbà. Ó gùn, ó fúyẹ́, ó sábà máa ń ga tó igbá àyà ẹni tó ń lò ó. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó káàkiri ayé lónìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ojú wọn fọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Rìṣáàdì Húfà ló gbé ìlànà náà kalẹ̀ nílé ìwòsàn ológun tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Ẹni tó mú ọ̀pá á máa gbé orí rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún àti sósì níwájú ara rẹ̀, kó fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ síwájú, apá ọ̀tún ni orí ọ̀pá á wà, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń lọ, ọ̀pá á ti bọ́ sósì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi tí ẹsẹ̀ tó kàn yóò tẹ̀ ni ọ̀pá ti yẹ̀ wò ṣáájú. Ojú pópó tó tẹ́jú ṣeé fi ọ̀pá kàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Lórí pèpéle, wọn kì í gbé ọ̀pá kúrò nílẹ̀ rárá, ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ. Ẹni tó ń kan ọ̀pá mọ́lẹ̀, tó tún ń gbé e sókè, lè gbé e kọjá bèbè pèpéle láìmọ̀. Ẹni tó ń wọ́ ọ máa mọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí ilẹ̀ bá tán, nítorí orí ọ̀pá á rì.

Ohun tí ọ̀pá náà ń wá lórí ilẹ̀ ni òkúta pẹlẹbẹ àwọ̀ ìyeyè tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní búlọ́ọ̀kù tẹ́ńjì. Seiiṣi Miyake, ará Okayama, ló ṣe é jáde ní 1965. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sẹ́bàá títì kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú nílùú náà. Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ní ìlà gbọọrọ tó yọ sókè, èyí ń sọ pé máa bọ̀ lọ́nà ibí yìí. Èkejì ní kókó roboto púpọ̀, èyí ń sọ pé dúró, ohun kan wà níwájú: àtẹ̀gùn ni o, ìyànà ni o, bèbè pèpéle ni o. Ìlà àti kókó wọ̀nyí kò ga ju mìlímítà 5 lọ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń mọ̀ ọ́n lára nínú bàtà, ọ̀pá náà sì ń dún yàtọ̀ bó bá gorí ìlà àti bó bá gorí kókó.

Arìnrìn-àjò wa ti wọlé láti ojú pópó báyìí. Ohun àkọ́kọ́ tó ń tẹ́tí sí ni dáńgúdáńgú agogo kan tó ń dún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì, "pín-pọ̀n," tó sinmi, tó tún dún. Agogo yìí ń sọ ibi tí ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì wà. Kò sọ pèpéle, kò sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ibì kan ṣoṣo ló ń tọ́ka sí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wúlò. Arìnrìn-àjò á kọjú sí i, á máa tẹ̀lé ìlà ilẹ̀ títí tí yóò fi fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ tí ẹnu ọ̀nà náà á ṣí. Ìlà tó ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ náà ló máa mú un dé ìdí àtẹ̀gùn, níbi tí kókó roboto ti ní kó dúró.

Ìdí àtẹ̀gùn yìí ló ti yẹ kó mọ pèpéle tí í ṣe tirẹ̀, kó tó gòkè. Ọwọ́ ló ń fi mọ̀ ọ́n. Lára irin ìdìmú àtẹ̀gùn, níbi tí ọwọ́ ti kọ́kọ́ máa ń bà á, wọ́n lẹ àkọlé bíréèlì mọ́ ọn, tó ń sọ nọ́ńbà pèpéle àti ibi tí ọkọ̀ ibẹ̀ ń lọ. Afọ́jú tó bá fi ìka kà á kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo afọ́jú ló mọ bíréèlì kà, pàápàá àwọn tí ojú wọn fọ́ lágbà. Àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gòkè kí ohùn tó wà lókè tó sọ fún wọn.

Lókè, ariwo pọ̀. Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, ojú irin ilé iṣẹ́ mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yamanote, tí àwọn náà ń pariwo tiwọn. Ohun tó kọ́kọ́ ń yà àlejò lẹ́nu níbẹ̀ ni ohùn ẹyẹ. Lórí ọ̀pọ̀ pèpéle ní Jàpáànù, ẹyẹ kan á máa ké fín-ín fín-ín lókè àtẹ̀gùn látàárọ̀ dalẹ́. Inú sípíkà ló ti ń ké. Ibi tí èèyàn ti lè sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí pèpéle ló ń fi hàn. Ìlànà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà gbé jáde ní 2002 ló to irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: agogo lẹ́nu ọ̀nà tíkẹ́ẹ̀tì, ẹyẹ lórí pèpéle níbi àtẹ̀gùn, ohùn èèyàn níbi àtẹ̀gùn oníná àti ilé ìyàgbẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi mú ẹyẹ kò ṣòro. Ariwo rélùwéè jẹ́ ariwo tó wúwo, tó ń rọ́ gìrìgìrì, ó máa ń kún gbogbo ibi débi pé èèyàn kò ní mọ apá ibi tó ti ń bọ̀. Ohùn tó tín-ín-rín, tó lọ sókè, tó ń dún tó ń dákẹ́, kì í sọnù sínú rẹ̀. Bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá ti apá ọ̀tún wá, orí èèyàn á dí i lọ́wọ́ kó tó dé etí òsì, nítorí náà á rinlẹ̀ ní etí kan ju èkejì lọ, ọpọlọ á sì mọ ìhà tó wà. Arìnrìn-àjò tó bá gòkè dé, tó gbọ́ ẹyẹ lẹ́yìn rẹ̀, mọ̀ pé àtẹ̀gùn ni òun fi ẹ̀yìn sí. Látibẹ̀ ló ti lè mọ ibi tí gígùn pèpéle kọjú sí, àti ìhà tí ojú irin méjèèjì wà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí sípíkà wà lẹ́nu àtẹ̀gùn gan-an. Bí wọ́n bá gbé e sọ́ọ̀ọ́kán, ẹyẹ náà á máa pe èèyàn sí ibi tí kò sí ọ̀nà.

Lẹ́yìn ẹyẹ ni ohùn èèyàn. Lórí ojú irin Yamanote, ohùn obìnrin ló ń kéde ọkọ̀ ìhà kan, ohùn ọkùnrin ló ń kéde ti ìhà kejì. Ní Takadanobaba, obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ fún nọ́ńbà 1, ọkùnrin fún nọ́ńbà 2. Nítorí náà, afọ́jú tó ń lọ sí Ueno kò nílò kó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Bí ariwo bá tiẹ̀ gbé ìdajì rẹ̀ lọ, tí ohùn tó gbọ́ bá jẹ́ ti ọkùnrin, ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń bọ̀. Ohùn náà á ní ọkọ̀ Ikebukuro àti Ueno ń bọ̀ ní nọ́ńbà 2, á sì ní kí àwọn èèyàn fà sẹ́yìn dé ibi búlọ́ọ̀kù àwọ̀ ìyeyè. Orin tún wà, tó ń dún kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó padé. Ní Takadanobaba, orin eré Átọ̀mù ni, ọmọdé onírin inú ìwé àwòrán Osamu Tezuka, nítorí inú ìtàn náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Takadanobaba ni wọ́n ti ṣe Átọ̀mù, ní 2003. Ẹni tó bá gbọ́ orin náà kó má ṣe sáré o. Ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ fẹ́ lọ, ọkọ̀ mìíràn kò sì ní pẹ́ dé.

Ibi tí mo fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀ rèé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣòdì mọ bí kọ́ńdọ́ ṣe ń ké orúkọ ibi tí mọ́tò rẹ̀ ń lọ. Ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò ni kọ́ńdọ́ dúró sí, nítorí náà ẹni tó bá tẹ̀lé ohùn rẹ̀ máa dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ohùn rélùwéè kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè àjà ni sípíkà wà, wọ́n sì tò wọ́n kiri gígùn pèpéle. Ohùn náà ń sọ pé ọkọ̀ ń bọ̀, ó ń sọ ìhà tó ń lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Ariwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà kò sọ ọ́. Ọkọ̀ tó wọ nọ́ńbà 1 máa ń fẹ́ atẹ́gùn, á dá bíréèkì, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ṣí, gbogbo rẹ̀ á máa ta padà lára àjà àti lára ògiri. Ẹni tó kọjú sí nọ́ńbà 2, tó ń retí ọkọ̀ tirẹ̀ lásìkò yẹn gan-an, á gbọ́ gbogbo ohun tó ń retí láti gbọ́. Ìlẹ̀kùn ti ṣí, èrò ń sọ̀kalẹ̀. Á gbé ẹsẹ̀ síwájú, kò sì ní sí ọkọ̀ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe àìfarabalẹ̀ ló fà á, etí rẹ̀ kò sì parọ́. Ọkọ̀ dé lóòótọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé sí.

Nítorí èyí ni àwọn olùkọ́ ìrìn ọlọ́pàá funfun fi ń kọ́ni pé ohùn kò tó ìdí láti gbé ẹsẹ̀. Arìnrìn-àjò wa á dúró sínú, kó má kọjá búlọ́ọ̀kù oníkókó. Búlọ́ọ̀kù bèbè pèpéle wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 ó kéré tán sí ibi tí pèpéle pin, ìlà kan sì yọ lára rẹ̀ ní ìhà inú. Ìlà yẹn ló ń sọ ìhà tí ewu kò sí. Wọ́n fi kún un nígbà tí wọ́n rí i pé ẹni tó bà lórí kókó nìkan lè máà mọ̀ bóyá inú ni òun wà tàbí ìta. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró, tí ó gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí níwájú rẹ̀, á fi ọ̀pá wọ́ ilẹ̀ lọ síwájú títí tí orí rẹ̀ á fi kan ara ọkọ̀. Á máa wọ́ ọ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tí á fi bọ́ sí ojú ihò. Ojú ihò yìí kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ̀pá kalẹ̀ sínú rẹ̀, kó gbá ilẹ̀ inú ọkọ̀, kó gbọ́ ọ, kó sì mọ̀ ọ́n lára pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ kejì á di férémù ilẹ̀kùn mú. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ á tó kúrò lórí pèpéle.

Ìdí tí wọ́n fi ń gbá ilẹ̀ inú ọkọ̀ ni pé ihò méjì ló wà lára rélùwéè. Ìkíní ni ilẹ̀kùn. Èkejì ni àlàfo tó wà láàárín kóòṣì kan àti èkejì, ọ̀pá sì lè bọ́ sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń bọ́ sínú ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fi ẹ̀gbẹ́ ihò nìkan mọ̀ ọ́n lè wọ àlàfo náà. Bí ọ̀pá bá lọ sísàlẹ̀ tí kò kan nǹkan, kì í ṣe ilẹ̀kùn nìyẹn.

Takadanobaba fúnra rẹ̀ wà nínú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1973, ọkùnrin afọ́jú kan ṣubú láti orí pèpéle náà, ọkọ̀ sì pa á. Búlọ́ọ̀kù tẹ́ńjì ti wà láyé nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí lórí pèpéle tó ti ṣubú. Àwọn òbí rẹ̀ pe iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì gùn títí di 1986 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ nílé ẹjọ́ gíga Tókíò. Lónìí, àwọ̀ ìyeyè yẹn wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ pèpéle ilẹ̀ Jàpáànù. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kọjá pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ kì í sábà mọ̀ pé ikú èèyàn wà nínú ohun tó jẹ́ kó débẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù nìkan kò sì tó. Ní 2011, ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ilẹ̀ Jàpáànù bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn léèrè, ó sì lé ní ẹnì kan nínú mẹ́ta tó ti ṣubú láti orí pèpéle rí. Ní oṣù kẹjọ 2016, ọkùnrin kan tó ní ajá afinimọ̀nà ṣubú ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan ní àdúgbò Aoyama, ó kú. Òpó kankéré wà lórí pèpéle náà, tó dí ibi tí búlọ́ọ̀kù gbà. Irú ohun tó ń da ìrìn afọ́jú rú gan-an nìyí: òpó, àpótí ẹrù tí ẹnì kan gbé lé orí ìlà, èrò tó tò sórí rẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá yà fún wọn lẹ́ẹ̀kan lè máà mọ̀ bóyá òun ṣì kọjú sí gígùn pèpéle tàbí òun ti kọjú sí bèbè. Òjò náà ń ṣe tirẹ̀, tó bá ń lu òrùlé, ẹyẹ á dákẹ́ sínú ariwo rẹ̀. Ohùn kéde méjì tó bá dún pọ̀ máa ń pa ara wọn. Bí afọ́jú bá rí i pé òun kò mọ ibi tóun kọjú sí mọ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ni kó dúró gbọn-in, kó di ọ̀pá mú níwájú, kó sì béèrè. Kó má rìn wá àmì.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà jù ni ògiri kékeré tó ní ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń gbé sí bèbè pèpéle. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àyàfi tí ọkọ̀ bá dúró síwájú rẹ̀. Lórí ojú irin Yamanote, Ebisu ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sí ní 2010, ó sì ti dé Takadanobaba. Ibi tó bá wà, ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀yìn tàn jẹ kò ní bọ́ sójú irin, ara ilẹ̀kùn tó ti padé ni ọ̀pá rẹ̀ á kàn. Wọ́n tún lẹ àkọlé bíréèlì mọ́ ọn tó ń sọ nọ́ńbà kóòṣì àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ Yamanote ní kóòṣì 11, kóòṣì kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó mọ ilẹ̀kùn tó súnmọ́ àtẹ̀gùn Ueno lè lọ dúró síbẹ̀ ní Takadanobaba. Owó rẹ̀ pọ̀, àìmọye pèpéle ni kò tíì ní i, ìgbà tí afọ́jú bá sì dé irú ibẹ̀, ohun tí ọ̀pá sọ ló kù.

Bí ẹ bá wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ má fa ọ̀pá rẹ̀, ẹ má sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó ń lọ. Bó bá gbà, ẹ jẹ́ kó di ìgbọ̀nwọ́ yín mú. Bó bá ń rìn lọ sí bèbè, ẹ ké mọ́ ọn pé kó dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ló nílò. Ẹ má sọ pé "ṣọ́ra", kò ní mọ ohun tó ń ṣọ́ra fún.

Ilẹ̀kùn ti padé báyìí, arìnrìn-àjò wa sì ti wà nínú ọkọ̀. Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ni? Ohùn inú ọkọ̀ ló máa sọ ọ́. Láti nọ́ńbà 2, ibi tó kàn ni Mejiro, Ueno sì jẹ́ ibùdókọ̀ kẹwàá. Bí ohùn náà bá pe Ṣin-Okubo dípò Mejiro, nọ́ńbà 1 ló wọ̀. Kó sọ̀kalẹ̀ ní Ṣin-Okubo. Pèpéle ibẹ̀ náà wà láàárín ojú irin méjì, ọkọ̀ tó ń padà sì ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀. Kó má rìn lọ rìn bọ̀ lójú gígùn pèpéle. Kó yí ẹ̀yìn sí ọkọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, kó wọ́ ọ̀pá rẹ̀ gba ìbú kọjá títí tó fi kan kókó ti ẹ̀gbẹ́ kejì, kó dúró síbẹ̀ títí tí yóò fi gbọ́ ohùn ọkùnrin. Bó bá sì jókòó sínú ọkọ̀ tó wọ̀ yẹn, yóò ṣì dé Ueno, nítorí yíyí po ni ojú irin Yamanote ń yí Tókíò ká. Ọ̀nà tó gùn ló máa gbà débẹ̀.